Ọ̀wọ́ àdánù: báwo ló ṣe lè gùn tó?

Ẹnì kan dá mi dúró lẹ́yìn ìjókòó wa tó kọjá. "Ọ̀gá, 40 nínú 100 ni ètò ìṣòwò mi fi ń jèrè. Mo ti pàdánù ní ìgbà 12 léraléra báyìí. Ṣé ètò náà ti bàjẹ́ ni?"

Ó ti ṣírò ó. Ó sọ 0.6, ìyẹn ìpín àdánù, di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ lọ́nà 12, ó rí bíi 2 nínú 1000, ó ní irú èyí kì í ṣojú lásán. Ìṣirò yẹn kò ṣì, àmọ́ ìbéèrè mìíràn ló dáhùn. Ká ní ó ti na ọwọ́ sí òwò 12 kan pàtó kó tó bẹ̀rẹ̀ ni, à bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n òwò 200 ló ti ṣe, ibikíbi nínú wọn ni ọ̀wọ́ àdánù ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ̀yìn èrè ni ọ̀wọ́ àdánù ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú òwò 200, èrè á tó 80, ìyẹn ni pé ojú ibi 80 wà tí àdánù lè gbà wọlé. Nínú 80 yẹn, 48 ló máa rí àdánù kìíní. Nínú 48, bíi 29 á rí ìkejì. Lẹ́yìn náà 17, 10, 6, 4, 2. Nígbà tí a bá dé ìkẹjọ, ó ku ọ̀kan àti díẹ̀. Ní ìkẹsàn-án, kò pé ọ̀kan mọ́. Nítorí náà, 8 tàbí 9 ni ká máa retí. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà àbùjá:

```
ln(N × p) / ln(1 / q)
```

N ni iye òwò, p ni ìpín èrè, q ni ìpín àdánù. Tiwa jẹ́ 8.6.

Kò wá túmọ̀ sí pé kò lè kọjá ibẹ̀ o. Bí ẹni 100 bá ń lo ètò kan náà tí kò ní àbùkù, bíi 15 nínú wọn á rí ọ̀wọ́ 12, ó kéré tán, láàárín òwò 200. Tó bá jẹ́ 15 léraléra ni, kò ní tó ẹni 4. Ibẹ̀ ni èmi ti máa fura.

Mo wá bi í pé níbo ló ti rí 40 yẹn. Ó ní nínú òwò 50 tó kọ́kọ́ fi dán an wò. Òwò 50 kéré jù: ìpín èrè gan-an lè jẹ́ 33, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀wọ́ tí a ó máa retí á di 10 tàbí 11.

Ìṣirò yìí tún gbà pé òwò kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹni tó ṣí òwò márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà lórí ọjà tó jọ ń lọ sókè sódò, àdánù kan ló kà ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Láti mọ̀, ẹ da bí àbájáde òwò yín ṣe tẹ̀ léra rú lórí kọ̀ǹpútà ní ìgbà 1000, kí ẹ máa kọ ọ̀wọ́ tó gùn jù sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí tiyín gan-an bá gùn ju fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn lọ, ó ṣeé ṣe kí àwọn àdánù yín máa fa ara wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ti ọ̀rẹ́ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe é ni pé 5 nínú 100 owó rẹ̀ ló ń fi sínú ewu lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn àdánù 12, bíi 54 ló ṣẹ́ kù nínú gbogbo 100. Ká ní 2 ló ń fi sí i ni, 78 ni ì bá ṣẹ́ kù. Ní báyìí, 54 yẹn gbọ́dọ̀ jèrè 85 lórí ọgọ́rùn-ún kó tó padà síbi tó wà.