Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Ṣe Àká: Ìrìn Ẹ̀bà Kan Láti Ẹnu Dé Ẹ̀dọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará àdúgbò wa sọ níbi ìpàdé ìlera, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà ní ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ṣíbí tíì kan hàn yín. Ṣúgà tó kún inú rẹ̀ yìí jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4 sí 5. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tí kò tíì fẹnu kan nǹkan láti alẹ́ àná, gbogbo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kò ju ohun tó wà nínú ṣíbí yìí lọ.

Ẹ lè ṣírò ó fúnra yín. Ẹ̀jẹ̀ inú ara àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà 5. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà bá kọ 90 mg/dL, mílígíráàmù 90 ló wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà nìyẹn. Lítà márààrún wá di gíráàmù mẹ́rin àti ààbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀bà. Ká ní gàrí gíráàmù 120 la fi tẹ̀bà fún ẹni tí ebi ń pa. Nǹkan bíi gíráàmù 100 nínú rẹ̀ ni ṣítáàṣì, gúlúkóòsì, irú ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa gan-an, tó sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn sì ni ṣítáàṣì. Nígbà tí okùn náà bá já, ìlọ́po ogún ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ̀ wá gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró síbẹ̀ ni, ẹ̀rọ ì bá kọ iye tó ju 2,000 lọ. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, kì í sábà kọjá 140. Níbo ni ìyókù gbà lọ? Ohun tí mo fẹ́ ká jọ tọpa rẹ̀ lónìí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àká tí a ń kó ṣúgà pa mọ́ sí. Ọ̀nà ni.

Kí n má bàa máa sọ ọ̀rọ̀ tí n kò dán wò, mo gún ìka ara mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí n tó jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀rọ kọ 88. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́, ó ti di 121. Nígbà tó pé wákàtí kan, ó kọ 138. Ní wákàtí kan àti ààbọ̀, ó ti ń wálẹ̀, 119. Ó di 104 ní wákàtí méjì, ó sì padà sí 91 nígbà tó pé wákàtí mẹ́ta. Ìka mi dùn mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rí i pé ṣúgà tó gòkè lẹ́yìn oúnjẹ kì í ṣe àìsàn. Iye tí ẹ̀rọ ń kọ ni àjẹkù láàárín ohun tó ń wọlé àti ohun tí ara ń kó kúrò lọ́nà. Nígbà tí ìwọlé bá yára ju ìkókúrò lọ, á gòkè. Nígbà tí ìkókúrò bá lé e bá, á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì, èmi kì í jẹ ohun dídùn," tí wọ́n sì ń jẹ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ahọ́n ló tàn wọ́n. Ẹ fi búrẹ́dì díẹ̀ sẹ́nu, kí ẹ máa rún un pẹ́, ẹ má gbé e mì. Ẹ ó rí i pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, nítorí pé itọ́ ti ń já okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ẹ̀bà kì í pẹ́ lẹ́nu ní tiwa, a kì í rún òkèlè, a ń gbé e mì ni. Nítorí náà ìfun kékeré ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò ikùn tí wọ́n ń pè ní páńkíríàsì. Òun ló ń tú omi tó ń já ṣítáàṣì sínú ìfun. Ara ìfun fúnra rẹ̀ ló ń parí iṣẹ́, tí gúlúkóòsì á fi máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àpò ikùn ló ń pinnu bí ìwọlé yìí ṣe máa yára tó. Kì í da ẹ̀bà sínú ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú u sílẹ̀. Ẹran, ẹja, epo àti ẹ̀fọ́ máa ń jẹ́ kó tú u lọ́ra sí i, ìdí nìyẹn tí gàrí mímu lásán pẹ̀lú ṣúgà fi máa ń gbé ṣúgà sókè kíákíá ju ẹ̀bà tí a fi ẹ̀fọ́ àti ẹja jẹ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ kì í kọ́kọ́ lọ sí ọkàn. Ẹ̀dọ̀ ló ń gbà kọjá ná, bí ẹrù tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbodè kó tó wọ ìlú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ṣúgà inú oúnjẹ ni ẹ̀dọ̀ máa ń mú sọ́dọ̀. Ìyókù ló wá jáde sí ìgboro ara, òun sì ni ẹ̀rọ ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ ìka wa.

Páńkíríàsì tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní iṣẹ́ kejì. Àwọn agbo sẹ́ẹ̀lì kéékèèké fọ́n káàkiri inú rẹ̀ bí erékùṣù. Pọ́ọ̀lù Láńgáhánsì, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe wọn lọ́dún 1869, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò sì mọ ohun tí wọ́n wà fún. Sẹ́ẹ̀lì inú erékùṣù wọ̀nyí ló ń tọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ṣúgà bá ti ń pọ̀ sí i, gúlúkóòsì á wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà, á jó níbẹ̀, agbára tó bá ti ibẹ̀ jáde á sì mú kó tú ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn họ́mónù tó ń ránṣẹ́ sí ara pé kó gba ṣúgà wọlé. Ọwọ́ àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń jáde. Ọwọ́ kejì á tẹ̀ lé e, á sì máa ṣàn títí ṣúgà á fi wálẹ̀.

Ìfun tún ń ránṣẹ́ sí páńkíríàsì ṣáájú. Ní 1964, àwọn olùṣèwádìí fi hàn pé bí wọ́n bá fún èèyàn ní gúlúkóòsì mu, ínsúlíìnì tó ń jáde pọ̀ gan-an ju ti ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa gúlúkóòsì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tó fà á ni pé bí oúnjẹ bá ti kan ara ìfun, ìfun á tú họ́mónù tirẹ̀ jáde láti sọ fún páńkíríàsì pé ẹrù ń bọ̀. Ohun àgbàyanu ni èyí jẹ́ fún mi títí dòní.

Kí wá ni ínsúlíìnì ń ṣe gan-an? Nínú ẹran ara wa, ní apá, ní itan, ní ìdí, inú sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí gúlúkóòsì ń gbà wọlé wà, wọn kò sí lára ògiri. Nígbà tí ínsúlíìnì bá kan ara sẹ́ẹ̀lì náà níta, àwọn ilẹ̀kùn yìí á jáde wá sára ògiri, gúlúkóòsì á sì wọlé. Ẹran ara lè kó nǹkan bíi gíráàmù 400 pa mọ́, ẹ̀dọ̀ lè kó nǹkan bíi 100. Àwọn gan-an ni àká. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn: ohun tó bá ti wọ àká ẹran ara kì í padà jáde sínú ẹ̀jẹ̀ bíi ṣúgà mọ́, ẹran ara á jó o fúnra rẹ̀ ni. Ti ẹ̀dọ̀ ni àká tí gbogbo ara ń jẹ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ara gan-an tún lè ṣí ilẹ̀kùn ẹran ara láìdúró de ínsúlíìnì. Lọ́jọ́ kejì, mo jẹ ìwọ̀n ẹ̀bà kan náà, mo sì rìn yí àdúgbò ká fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ kọ 117 nígbà tó pé wákàtí kan, dípò 138. Ara mi nìkan nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni. Tiyín lè yàtọ̀.

Bí àtọ̀gbẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni pé ínsúlíìnì ń kan ara sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kì í jáde dáadáa mọ́. Páńkíríàsì á máa tú púpọ̀ sí i láti fi dí àlàfo náà, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Bí ṣúgà bá kọjá nǹkan bíi 180, kíndìnrín kò ní lè gbà á padà tán, yóò bá ìtọ̀ jáde, yóò sì fa omi lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí èèrà fi ń ṣù bo ìtọ̀, tí òùngbẹ fi ń gbẹ èèyàn, tó sì ń tọ̀ léraléra. Àwọn tó sọ àìsàn yìí lórúkọ ní èdè wa ti rí i dáadáa.

Ìyá kan béèrè pé ìgbà wo ló yẹ kéèyàn wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ní wákàtí méjì, láti ìgbà òkèlè àkọ́kọ́, kì í ṣe láti ìgbà tí ẹ fọwọ́. Bí ó bá ń ju 140 lọ léraléra lásìkò yẹn, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, kódà bí ti àárọ̀ bá dára.

Bàbá kan wá dìde lẹ́yìn. Ó ní òun kì í jẹun alẹ́ mọ́ láti oṣù méjì, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń kọ 160 ní òwúrọ̀. "Níbo ló ti ń wá, nígbà tí n kò jẹ nǹkan?"

Mo ní, "Bàbá, láti inú àká ni." Ẹ rántí ṣíbí tíì. Ọpọlọ nìkan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 5 láàárín wákàtí kan. Bí ẹ̀dọ̀ kò bá máa bu ṣúgà jáde lóru, ti inú ẹ̀jẹ̀ á tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ń bu nǹkan bíi gíráàmù 8 jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, họ́mónù mìíràn láti inú páńkíríàsì tí wọ́n ń pè ní gúlúkágọ̀n ló ń rán an níṣẹ́. Ínsúlíìnì ló ń sọ fún un pé ó tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tí kò gbọ́ ohùn ínsúlíìnì mọ́ á máa bù ú lọ, yálà onílé jẹun tàbí kò jẹ. Kódà ó ń bù ú lẹ́yìn oúnjẹ pàápàá, ìgbà tó yẹ kó ti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà ti ẹ̀bà àti ti ẹ̀dọ̀ ṣe máa ń pàdé lójú ọ̀nà kan náà.

Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá béèrè bóyá òun lè padà máa jẹun alẹ́. Mo ní kí a jọ lọ bá dókítà nípa oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ máa bù ú jù, àti pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ padà sídìí àwo yín, ẹ kàn dín òkèlè kù, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un.