Ọ̀rọ̀ Ẹnu Òǹtajà Òkìríkà Lórí Láìfù: Láti Ìkíni Títí Dé Ìgbà Tí Owó Bá Wọlé

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òǹtajà òkìríkà ìlú Ìlọrin, àti ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ọ̀fà, Ajàṣẹ́-Ìpo àti Ọmù-Àrán. Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ ni bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ tí a ó sọ nígbà tí a bá ń ta aṣọ lójúkojú lórí fóònù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní láìfù. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń ra béélì tàbí bí a ṣe ń ṣà á. Bí a ṣe ń fi ẹyọ aṣọ kan ṣoṣo han oníbàárà ni mo fẹ́ gbà jókòó lé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ẹ̀yìn ọjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó wá bá yín ní Ìpàta tàbí Ọjà Tuntun yóò fọwọ́ kan aṣọ, yóò gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, yóò fi wọn ara rẹ̀, yóò sì fa síìpù rẹ̀ sókè sódò kó tó na owó. Ẹni tó ń wo láìfù kò lè ṣe ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí, nítorí náà, iṣẹ́ tí ọwọ́ oníbàárà ń ṣe lọ́jà ni ẹnu òǹtajà gbọ́dọ̀ ṣe fún un. Ẹyọ kan ṣoṣo sì ni òkìríkà máa ń jẹ́. Bí ó bá fún oníbàárà, kò sí ìwọ̀n mìíràn tí a lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Bí èèyàn méjì bá sì fẹ́ ẹ, ẹnì kan ni yóò gbé e lọ. Ohun tí a bá sọ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó ní òun rà.

Kí a tó tan fóònù, kí aṣọ kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà tí a kọ gàdàgbà sórí ìwé kékeré tí a fi pín-ìnnì há ara rẹ̀. Kí ìwé ìkọ̀wé kan sì wà nílẹ̀ tí a ti kọ ìwọ̀n, àléébù, iye tí a ó pè é àti iye tí a kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ sí. Ẹ má ṣe fi iye ìkẹyìn yìí sílẹ̀ di orí láìfù. Ká ní ₦2,200 ni ẹ ra gáùn kan ní àṣàyàn, tí ọṣẹ, iná ìlọṣọ àti ọ̀rá jẹ́ ₦300, tí ìpín dátà tó kàn án sì jẹ́ ₦200. ₦2,700 ni gáùn náà ti jẹ yín kó tó kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní ₦4,500, tí ẹ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ₦4,000 ni òpin, oníbàárà tó ń rọ̀ yín lójú èèyàn ọgọ́rùn-ún kò ní mú yín sọ ohun tí ẹ ó kábàámọ̀.

Ní ti àkókò, ẹ̀yìn ìrun Iṣáì ló dára jù nílùú wa, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti jẹun alẹ́. Lóṣù ààwẹ̀, ẹ dúró kí ìrun àṣáàmù parí.

Ìbẹ̀rẹ̀ láìfù kò yẹ kó gùn. Àwa òǹtajà fẹ́ràn láti máa sọ pé kí a jọ dúró de àwọn tó kù. Ẹni tó ti dé ni a ń fìyà jẹ bẹ́ẹ̀, yóò sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tí mo máa ń kọ fún ẹni tó bá bèèrè nìyí:

“Àsàláàmù àlékùn o, ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin oníbàárà wa. Gáùn obìnrin ni a ń tà lálẹ́ òní, ọgbọ̀n ẹyọ ni wọ́n, owó wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti ₦3,000 títí dé ₦6,500. A ti fọ gbogbo wọn, a sì ti lọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ èyíkéyìí, kí ó kọ ‘Tèmi’, kí ó fi nọ́ńbà aṣọ náà sí i. Orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde lórí fóònù wa ló ni ín, ó sì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti fi sanwó. Nọ́ńbà kìíní nìyí.”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí gbólóhùn “orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde lórí fóònù wa”. Àwòrán àti ohùn yín kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fà ní Ọmù-Àrán lè máa wo aṣọ tí ẹ ti gbé sílẹ̀. Òun yóò búra pé òun lòun kọ́kọ́ kọ̀wé, lójú fóònù tirẹ̀ ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Bí a kò bá ti sọ ṣáájú pé fóònù òǹtajà ni onídàájọ́, kò sí bí a ṣe fẹ́ parí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn yóò máa wọlé títí, nítorí náà, ẹ tún òfin náà sọ ní kúkúrú lẹ́yìn aṣọ márùn-ún márùn-ún.

Wàyí o, ó kan aṣọ gan-an. Ká mú gáùn gígùn aláwọ̀ búlúù kan tó jẹ́ nọ́ńbà kẹrìnlá. Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ nìyí:

“Nọ́ńbà kẹrìnlá. Gáùn gígùn ni, apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Kọ́tìnnì ni, kì í nà. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo sì fi téèpù wọ̀n ọ́ níṣojú yín: láti abẹ́ abíyá kan dé èkejì jẹ́ ínṣì 20, àyà rẹ̀ jẹ́ 40 yípo. Ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 36 yípo. Láti èjìká dé ìsàlẹ̀ jẹ́ 52. Mo ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínṣì mẹ́rin, ó sì dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò bá ju 38 lọ, tí ìbàdí rẹ̀ kò sì ju 34 lọ, yóò wọ̀ ọ́ nírọ̀rùn. Ọwọ́ mi nìyí nínú rẹ̀. Ẹ kò rí ìka mi. Àléébù rẹ̀ nìyí: bọ́tìnnì kan ti já lọ́wọ́ òsì, àbàwọ́n tó tó ojú èékánná sì wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. ₦4,500 ni. Ẹni tó fẹ́ ẹ, kí ó kọ ‘Tèmi kẹrìnlá’.”

Mo ní ìdí tí mo fi to ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ìwọ̀n ṣáájú, nítorí pé ẹni tí aṣọ náà kò lè gbà yóò ti mọ̀, kò sì ní fi orúkọ rẹ̀ dínà fún ẹlòmíràn. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà tó wà lọ́rùn aṣọ rárá. Nọ́ńbà 12 ti ìlú Ọba sún mọ́ nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà, aṣọ ibi méjèèjì sì máa ń wà nínú béélì kan náà, yàtọ̀ sí pé aṣọ mìíràn ti sún kì nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ń fọ̀ ọ́. Téèpù nìkan ni kì í parọ́. Ínṣì méjì tí a yọ kúrò ni àyè tí ara nílò láti mí àti láti jókòó nínú aṣọ tí kì í nà. Bí aṣọ náà bá jẹ́ èyí tó ń nà, ẹ fi ọwọ́ fà á, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí i bí ó ṣe ń padà. Èyí tí kò bá padà ti rọ nìyẹn, ẹ ka ìyẹn mọ́ àléébù rẹ̀.

Ní ti ọwọ́ tí a kì bọ inú gáùn, ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Kí oníbàárà Ìlọrin tó bèèrè owó, yóò ti bi yín bóyá ó ń hàn síta àti bóyá ó bo ẹsẹ̀. Bí ìka yín bá hàn, ẹ sọ pé yóò nílò ṣímíìsì lábẹ́. Ní ti àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ iná lè sọ funfun di àwọ̀ wàrà, ẹ sì gbé bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Bí bébà náà bá pọ́n lójú fóònù, iná yín ló ń yí àwọ̀ padà.

Àléébù ló yẹ kó ṣáájú owó, ọ̀pọ̀ òǹtajà sì ń bá mi jiyàn lórí èyí. Wọ́n ní àléébù máa ń lé oníbàárà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí owó bá ṣáájú. Kété tí ẹ bá ti pe ₦4,500, èèyàn mẹ́ta ti kọ “Tèmi”. Nígbà tí ẹ bá wá fi àbàwọ́n hàn, ẹni àkọ́kọ́ yóò ní òun kò rà mọ́. Ẹnì kejì ti gbọ́ pé ó ti bọ́, ó ti kúrò. Aṣọ tí èèyàn mẹ́ta ń jà sí di èyí tó wà nílẹ̀. Bí àléébù bá ṣáájú, ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé ti gbà á bẹ́ẹ̀, kò sì ní lè dá a padà nítorí àbàwọ́n tí ẹ ti fi hàn án. Àwọn ibi tí ẹ óò yẹ̀ wò ni abẹ́ abíyá, ọrùn, síìpù àti ojú ìrán. Ẹ gbé aṣọ náà kọ́ ojú iná, ihò kékeré yóò hàn.

Kí olùrànlọ́wọ́ kan jókòó ti fóònù kejì, kí ó máa kọ orúkọ ẹni àkọ́kọ́ àti ti ẹnì kejì sílẹ̀. Òun náà ni yóò máa yẹ owó wò, kì í sì í ṣe nínú álẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ tàbí àwòrán ìsanwó, nítorí pé méjèèjì ṣeé ṣe ní ayédèrú. Inú áàpù báńkì yín ni kó wò, bóyá owó ti wọlé lóòótọ́.

Ìparí ni ibi tí irọ́ ti wọ́pọ̀ jù. “Èyí tó kù nìyí” kò ní ìtumọ̀ fún oníbàárà òkìríkà, tó mọ̀ pé ẹyọ kan ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó lè mú un yára ni ohun tó jẹ́ òótọ́, pàápàá owó mọ́tò. Bí awakọ̀ gáréèjì Ọ̀fà bá ń gba ₦1,500 lórí ẹrù kékeré kan, iye kan náà ni yóò gbà lórí gáùn kan tàbí méjì. Nítorí náà, nígbà tó bá ku bí aṣọ mẹ́fà, ẹ tò wọ́n síwájú, kí ẹ sì sọ pé:

“Aṣọ mẹ́fà ló kù: nọ́ńbà kẹta, ìkẹsàn-án, ìkọkànlá, ìkẹrìndínlógún, ìkọkànlélógún àti ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá ti ra ọ̀kan lálẹ́ òní, tó bá mú ìkejì nínú àwọn wọ̀nyí, ₦500 ni a ó yọ fún un lórí ìkejì, owó mọ́tò rẹ̀ kò sì ní lé sí i. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ni a ń gbé ẹrù lọ sí gáréèjì. Ẹni tí owó rẹ̀ bá wọlé kí a tó sùn ni ẹrù rẹ̀ yóò bá mọ́tò àárọ̀ lọ. A ó pa láìfù lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Kí ẹ sì pa á lóòótọ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé, nítorí pé ẹni tó bá rí i pé ẹ tún wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìdajì wákàtí kò ní sáré fún yín mọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà, kí olùrànlọ́wọ́ fi orúkọ aṣọ, iye owó àti nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí olúkúlùkù lórí Wásáàpù. Ẹni tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé fún láìsanwó, kí a kọ sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ má bínú, àǹtí, àkókò ti kọjá, a ti fún ẹni tó tẹ̀ lé yín,” kí a sì pe ẹnì kejì tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé.