Bí A Ṣe Ń Ṣe Kárúsẹ́ẹ̀lì Ìpè Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Tí Kò Ní Dún Bíi Fúláyà

Ẹ káàbọ̀ o. Kárúsẹ́ẹ̀lì la fẹ́ jọ ṣe lónìí, ìyẹn àwọn àwòrán tó tò tẹ̀ lé ara wọn lórí Instagram, tí èèyàn ń fi ìka tì láti ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ló ni iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé kan, kí àwọn tó ń wá iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ wá fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dánra wò. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tí wọ́n ti ṣe fúnra wọn.

Ẹ wò ó báyìí. Lógò ẹgbẹ́ ló wà lókè, orúkọ ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e ní lẹ́tà ńlá. Àkòrí wọn ni “Ọ̀dọ́ Ìwòyí, Ọ̀nà Àbáyọ fún Ọ̀la”. Fọ́tò àwọn olùbánisọ̀rọ̀ mẹ́ta wà láàárín, lẹ́yìn náà ọjọ́, aago, ibi ìpàdé, nọ́ńbà fóònù méjì, àti “Gbogbo ènìyàn la pè” nísàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo ẹ̀ ló há sórí àwòrán kan ṣoṣo.

Fúláyà nìyẹn, ó sì ní ibi tó ti wúlò. Ẹni tó ti mọ ẹgbẹ́ yìí, tó ti ń retí ìpàdé, ọjọ́ àti ibi nìkan ló ń wá. Yóò rí i kíá. Àmọ́ ẹni tó ń fi àtàǹpàkò wo fóònù rẹ̀ kọjá lọ kò tíì bi yín ní ọjọ́, kò tíì bi yín níbo. Kò tíì mọ ohun tó kan òun níbẹ̀. Ẹ wá tún àkòrí yẹn kà: ẹ ò lè tinú rẹ̀ mọ̀ pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n fẹ́ fi dánra wò. Ohun tó dùn jù nínú ìpàdé náà ni àkòrí fi pa mọ́.

Nítorí náà, kí n tó ṣí Canva tí mo fi ń ṣe àwòrán rárá, mo pe akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, mo ní, “Ẹ sọ fún mi, tí ẹnì kan bá ń jáde kúrò níbẹ̀, kí ni yóò ti ṣe tí kò tíì ṣe rí?” Ó ní yóò ti fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè níwájú ẹni tó ti gba èèyàn síṣẹ́ rí, ẹni yẹn yóò sì sọ ibi tó kù sí fún un. Mo tún bi í pé ìbéèrè wo ló ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́ wọn jù. Kò ronú rárá. Ó ní, “Sọ fún wa nípa ara rẹ.”

Ọwọ́ ti tẹ ojú kìíní nìyẹn, ìyẹn àwòrán àkọ́kọ́ nínú kárúsẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìbéèrè méjèèjì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́. Tí wọn ò bá rí èsì fún ti àkọ́kọ́, ẹ má tíì ya àwòrán kankan.

Ó yá, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun. Ìwọ̀n tí mo ń lò ni píksẹ́ẹ̀lì 1080 ní ìbú, 1350 ní gíga. Ó gùn sókè, ó sì gba àyè púpọ̀ lójú fóònù ju onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba lọ. Ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ lò fún gbogbo ojú, torí ojú kìíní ni Instagram fi ń wọn àwọn yòókù. Èyí tí kò bá bá a mu, yóò gé e. Ẹ tún fi bíi 80 sílẹ̀ ní òsì àti ọ̀tún láìkọ nǹkan kan sí i. Bí àwòrán bá ti wọ inú àtẹ ojú ewé ẹgbẹ́, Instagram máa ń gé díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, a ò sì fẹ́ kó gé ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí fọ́ntì, torí pé Yorùbá la fẹ́ kọ. Ẹ tẹ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí wò: ẹ̀, ọ́, ṣ, ń. Tí àmì ohùn bá yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà, tàbí tí àpótí kékeré bá yọ níbi tó yẹ kó wà, fọ́ntì yẹn kò gbọ́ Yorùbá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Noto Sans ni mo ń lò níbí. Ẹ fẹ àlàfo àárín ìlà sí bíi 1.4, kí àmì tó wà lórí ọ̀rọ̀ ìlà ìsàlẹ̀ má baà lọ forí gbá àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè. Ní ti bí lẹ́tà ṣe tóbi tó, ohun tí ẹ ń rí lórí kọ̀ǹpútà máa ń dín kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta lójú fóònù. Lẹ́tà 36 yóò dà bíi 12. Èmi kì í kọ ohunkóhun kéré ju 44 lọ, mo sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ ojú kìíní ní 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ojú kìíní nìyí. Mo kọ “Sọ fún wa nípa ara rẹ.” sí àárín. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ní lẹ́tà tó kéré sí i: “Kí lo máa kọ́kọ́ sọ?” Ó tán. Mi ò fi lógò síbẹ̀, mi ò fi orúkọ ẹgbẹ́ síbẹ̀, torí Instagram ti kọ orúkọ wọn sí òkè àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń múra àtijókòó síwájú ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́ yóò mọ̀ pé òun là ń bá wí.

Ojú kejì: “Ọ̀pọ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí ibi tí wọ́n ti bí wa. Àmọ́ ohun tí ẹni tó bi wá ní ìbéèrè fẹ́ gbọ́ ni ohun tí a lè ṣe.” Ẹ rántí pé ojú kejì gbọ́dọ̀ lè dá dúró. Tí ẹnì kan bá rí ojú kìíní tí kò tì í, Instagram lè tún gbé kárúsẹ́ẹ̀lì yẹn wá síwájú rẹ̀ nígbà mìíràn, ojú kejì ni yóò sì bá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bẹ̀rẹ̀ ojú kejì pẹ̀lú “ìdí nìyí” tàbí ọ̀rọ̀ mìíràn tó fara ti ojú kìíní.

Ojú kẹta ni mo fi ń fún òǹkàwé ní nǹkan mú lọ: “Gbìyànjú èyí. Sọ ohun tí ò ń ṣe báyìí. Sọ ohun kan tí o ti ṣe tó yọrí sí rere. Sọ ìdí tí o fi fẹ́ iṣẹ́ yìí.” Akọ̀wé bi mí pé tí a bá ti fún wọn ní ìdáhùn, ta ló tún máa wá? Mo ní kó ka gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, kó sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó gbìyànjú, ó kọsẹ̀ ní èkejì. Èsì tí ojú kẹrin dúró lé nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí kò ní lè wá náà yóò rí ohun tó lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ta ni í fi fúláyà lásán ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́?

Ojú kẹrin, níbi tí ìpè ti wọlé: “Ó rọrùn láti kà. Àtifẹnu sọ ọ́ ló máa ń nira. A fẹ́ jókòó ní méjì méjì, ká bi ara wa ní ìbéèrè. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ti gba èèyàn síṣẹ́ rí máa gbọ́ wa, wọ́n á sọ ibi tó yẹ ká tún ṣe.” Ẹ rí i pé àwọn olùbánisọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ti wọlé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún òǹkàwé la fi mú wọn wá. Tí ẹ bá ní fọ́tò ìpàdé àtẹ̀yìnwá tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì gbà, ibí ni kí ẹ fi í sí. Fọ́tò tí gbogbo èèyàn tò jọ tí wọ́n ń wo kámẹ́rà kò bá ibí mu.

Ojú karùn-ún wá ni ọjọ́ àti aago. Ẹ ṣọ́ra níbí gan-an. Ojú yìí ni àwọn èèyàn máa yà láti ojú fóònù, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìsí èyí tó kù. Nítorí náà, òun nìkan ni mo máa ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí, gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: “Ìdánrawò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá. Aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́. Ọ̀fẹ́ ni.” Ibi ìpàdé tẹ̀ lé e, pẹ̀lú bí èèyàn ṣe máa dé ẹnu ọ̀nà. Aago tí a máa parí ṣe pàtàkì. Ẹni tí wọ́n ń retí nílé fẹ́ mọ ìgbà tí òun máa padà.

Ojú kẹfà, ohun kan ṣoṣo: “Kọ MO Ń BỌ̀ ránṣẹ́ sí wa, a máa bá ọ tọ́jú àyè.” Ẹgbẹ́ fẹ́ kí n fi líǹkì fọ́ọ̀mù sí i, kí n ní kí èèyàn tẹ̀ lé wọn, kó sì dárúkọ ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Mo yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Líǹkì inú àwòrán kò ṣeé tẹ̀, ti inú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà kò ṣeé tẹ̀, ẹni tí a bá sì bẹ̀ ní nǹkan mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ọ̀kankan.

Nísinsìnyí, ẹ ka gbogbo ẹ̀ sókè bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ibi tí ohùn yín bá ti yí padà di ti ẹni tó di gbohùngbohùn mú, ibẹ̀ ni fúláyà ti wọlé. “Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fo yín ru” ni ó kọ́kọ́ wà ní ojú kẹrin mi. Ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́, mo pa á rẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán. Ìwọ̀nba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ọjọ́ àti aago ni kó ṣíwájú, fún ẹni tí kò ní tì dé ojú karùn-ún. Ẹ tún kọ àlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan sí alt text, kí ẹni tí fóònù rẹ̀ ń kàwé fún má baà pàdánù ohun tó wà lórí àwòrán.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kí ẹ tó gbé e síta, torí bí ó bá ti jáde tán, ẹ ò lè fi àwòrán tuntun rọ́pò èyí tó ní àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ lẹ lè tún ṣe. Lẹ́yìn tó bá jáde, ìbéèrè tí wọ́n bá ń bi yín ni kí ẹ máa wò. Tí wọ́n bá ń bèèrè “Ìgbà wo ni?”, ẹ kọ ọjọ́ sínú kọ́mẹ́ǹtì kan lábẹ́ àwòrán, kí ẹ sì so ó mọ́ òkè. Tí wọ́n bá ń bèèrè “Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀ gan-an?”, ojú kẹrin ni kò sọ̀rọ̀ tó, ìlà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ni kí ẹ sì lọ tún kọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.