Róòmù 5:1: Ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó ń da àlùfáà láàmú

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ìlọrin ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan nìyí. Mo yọ àwọn ibi tí mo ti tún ara mi sọ jù kúrò, ṣùgbọ́n mo fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́tà tó fà á kò ju ojú ìwé kan lọ. Ọmọ Ìgbómìnà kan ló kọ ọ́ sí mi. Ó wà nílé ẹ̀kọ́ àlùfáà, wọ́n sì ti ní kó wá wàásù lórí Róòmù orí karùn-ún lọ́jọ́ ìkórè ìlú wọn. Ó kọ̀wé pé: "Ẹ̀yin olùkọ́ mi, mo kí yín o. Bíbélì wa sọ pé àwa ní àlàáfíà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo wo ìsàlẹ̀ ìwé Gíríìkì mi, mo rí i pé ohun tó wà nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ ni 'ẹ jẹ́ kí a ní àlàáfíà'. Èwo ni kí n wàásù, sà?" Ìlà tó kẹ́yìn ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó kọ síbẹ̀ rèé, láìfi àmì kankan sí i: "A o ni alafia pelu Olorun."

Mo kà á sí "a ò ní". Mo ní háà, ọmọ yìí ti sọ ìgbàgbọ́ nù kí ìkórè tó dé! Mo pè é lórí fóònù kíá. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Rárá o, sà. A ó ní ni mo kọ."

Ẹni tó bá ń kánjú lè máa lọ sílé, torí gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi wà nínú ìlà kan yẹn.

Nínú èdè Gíríìkì, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní "ẹkomẹn", pẹ̀lú o kékeré, ó túmọ̀ sí "a ní": ọ̀rọ̀ ti délẹ̀, a ń ròyìn rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní "ẹkoomẹn", pẹ̀lú o ńlá, ó di ìyànjú: "ẹ jẹ́ kí a ní". Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fa o ńlá gùn lẹ́nu bí àwa ṣe ń fa "aago", etí sì máa ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní, nígbà ayé Pọ́ọ̀lù, fífà yẹn ti ń kú lọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwé gbèsè àti lẹ́tà àwọn ará Íjíbítì ìgbà náà kún fún o kékeré níbi tó yẹ kí o ńlá wà, àti o ńlá níbi tó yẹ kí o kékeré wà.

Tiwa kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tiwọn kọjú sí ìlà-oòrùn. Etí wa mọ ìyàtọ̀ "a ò ní" àti "a ó ní" dáadáa, ọwọ́ wa ni kì í kọ ọ́. Tiwọn, lẹ́tà méjèèjì wà nílẹ̀ fún ọwọ́ láti kọ, etí ni kò gbọ́ ìyàtọ̀ mọ́. Ẹ sì má gbàgbé pé kì í ṣe Pọ́ọ̀lù ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà náà. Ó ń pè é ni, Tertiu ń kọ ọ́. Tertiu fúnra rẹ̀ kí ìjọ ní Róòmù 16:22.

Ó yá, àwọn ìwé wo ló sọ kí ni? Ìwé Sínáì àti ìwé Fátíkàn, Bíbélì Gíríìkì àfọwọ́kọ tí wọ́n kọ méjèèjì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, o ńlá ni akọ̀wé àkọ́kọ́ kọ sínú wọn. Ẹlòmíràn ló padà wá tún un ṣe sí o kékeré nínú méjèèjì. Láti apá kejì, awẹ́ awọ kékeré kan wà tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 300. Ó ti ya, ṣùgbọ́n o kékeré ni èyí tí a lè rí kà níbẹ̀. Páàpírọ́ọ̀sì tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ nínú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù ìbá gbà wá, àmọ́ ojú ìwé tó ṣẹ́kù nínú Róòmù bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ 17 orí yìí kan náà. Ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún péré ló fi já wa kulẹ̀!

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, sọ pé àwọn àgbà ìwé ti dìbò fún o ńlá, ìbò ti parí. Èmi náà ti dìbò rí ní Kwara. Mo mọ̀ pé kí a tó ka ìbò, a máa ń kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹni tó dì í ríran.

Ẹ ṣí Róòmù 14:19. Ìtẹ̀síwájú ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń bèèrè ìyànjú: "ẹ jẹ́ kí a máa lépa ohun tí í ṣe ti àlàáfíà". Sínáì àti Fátíkàn yìí kan náà, o kékeré ni wọ́n kọ síbẹ̀: "à ń lépa". Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ Bíbélì Gíríìkì lónìí kò tẹ̀ lé wọn, o ńlá ni wọ́n tẹ̀. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí méjì tó gbé o ńlá sí orí karùn-ún ló tún gbé o kékeré sí orí kẹrìnlá, níbi tí ìyànjú ti yẹ. Lórí lẹ́tà yìí, ọwọ́ wọn kò ṣeé gbára lé. Inú gbólóhùn ni ká ti wá ìdáhùn. Pọ́ọ̀lù sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé a ti dá wa láre. Ní ẹsẹ̀ kejì, a ti rí ọ̀nà wọ inú oore-ọ̀fẹ́. Ní ẹsẹ̀ kẹwàá, a ti bá wa làjà. Ẹni tí wọ́n ti bá làjà, wọn kì í tún gbà á níyànjú pé kó lọ wá ìlàjà.

(Níbí ni alága ti fi aago han mi. Ẹ mọ bí Ọjà Ọba ṣe máa ń rí bí ìrun Jímọ̀ bá ti kù díẹ̀, nítorí náà mo sáré.)

Ohun tó ṣòro fún èmi náà ni pé Jòhánù Kírísósítọ́mù, tí èdè Gíríìkì jẹ́ èdè ìyá rẹ̀, wàásù lórí "ẹ jẹ́ kí a ní" ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, kò sì rí i bí ohun àjèjì. Ìtumọ̀ èdè Látìn náà gbé ìyànjú. Ìwé Gíríìkì tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò gbé o ńlá fún ìgbà pípẹ́, títí di 1979 tí wọ́n padà sí o kékeré. Ní ti Àjàyí Crowther, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó rí ìwé Sínáì, ó sì kọ̀ ọ́. Ọdún 1850 ni Róòmù Yorùbá rẹ̀ jáde. Májẹ̀mú Tuntun inú ìwé Sínáì kò bọ́ síta kí 1859 tó dé.

Mo ti ń ká ìwé mi nígbà tí ìyá kan, olùkọ́ ni ní Òffà, nawọ́ sókè. "Bàbá, ẹ ní etí wọn kò yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Àwọn ará Róòmù tí wọ́n rán lẹ́tà sí, ṣé wọ́n kà á ni, àbí wọ́n gbọ́ ọ?"

Mo ní wọ́n gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ gbà pé Fébè ló gbé e lọ, ẹnì kan á dìde nínú ìjọ, á kà á sókè.

"Ẹ jẹ́ a sọ pé Tertiu kọ ọ́ dáadáa. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn níbẹ̀, kí ló gbọ́?"

Mo dákẹ́ díẹ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń wá ohun tí ọwọ́ kọ, ìyá yìí sì wá bi mí ní ohun tí etí gbọ́. Mo ní ó ṣeé ṣe kó gbọ́ ohùn kan tó lè jẹ́ méjèèjì, kó sì fi ọ̀rọ̀ tó ṣáájú mọ èyí tó jẹ́, bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe bí ọmọ yín bá tẹ "a o ni" sórí fóònù. "Tó bá wá mú u ní ẹ jẹ́ kí a ní ńkọ́? Ṣé àṣìgbọ́ ni?" Mo ní n kò lè pè é ní àṣìgbọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìbò ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ̀wé sí ọmọ Ìgbómìnà yẹn pé "a ní" ni kó wàásù, ṣùgbọ́n kó má pe ẹni tó bá ka "ẹ jẹ́ kí a ní" ní aládàámọ̀, torí kò sí ẹni tó lè búra fún ohun tí etí gbọ́ ní Róòmù. Mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà.