Bí ẹ ṣe lè pa àwòrán àti nọ́ńbà tó di méjì-méjì rẹ́, tí èyí tó wà lórí Google kò ní bá a lọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ mi yìí, oníbàárà mi kan tó ń ta aṣọ òkè ló ni ín. Ó ti kún débi pé kò lè ya àwòrán mọ́, bẹ́ẹ̀ àwòrán aṣọ kan náà ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ ṣí Google Photos, kí ẹ tẹ àwòrán ojú yín tó wà lókè lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá rí "Backup complete", ohun tí ẹ fi kámẹ́rà yà ti dé orí Google nìyẹn. Ti WhatsApp lè má tíì débẹ̀ o, nítorí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tan fóódà rẹ̀ nínú "Back up device folders". Mo ti tan án sórí fóònù yìí láàárọ̀, mo sì dúró títí gbogbo rẹ̀ fi gòkè tán.

Ó wá ku ibi tó ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún. Google kì í tọ́jú fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Méjì lè wà lórí fóònù, kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló wà lókè. Bí ẹ bá tẹ garawa ìdọ̀tí nínú Google Photos, ti òkè yẹn náà lẹ dà nù. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ yára wọ inú "Trash" kí ẹ tẹ "Restore". Ọgọ́ta (60) ọjọ́ péré ló máa fi wà níbẹ̀.

Files by Google ni kí ẹ lò. Ẹ tẹ "Clean", kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "duplicate files" sí, kí ẹ ṣí i. Ẹ ò rí i? Wọ́n kọ "Original" sára ọ̀kan. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, kí ẹ mú àwọn yòókù. Orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń kúrò.

Àmọ́ àwòrán tó ti gba WhatsApp kọjá ti fúyẹ́ sí i, kì í ṣe fáìlì kan náà mọ́, Files kò sì ní kà á sí ẹ̀dà. Fún irú ìyẹn, ẹ ṣí i nínú Google Photos, kí ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, kí ẹ wá "Delete from device". Bí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, àwòrán náà kò tíì dé òkè. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin oní-iPhone, ẹ má tẹ̀ lé èyí. Bí iCloud Photos bá wà ní títàn, ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí fóònù ti lọ lórí iCloud náà.

Ó ku nọ́ńbà. Oníbàárà mi ní "Ìyá Ìbejì" méjì: ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0, èkejì pẹ̀lú +234. Bí mo bá pa ọ̀kan rẹ́, yóò kúrò lórí gbogbo fóònù tó ń lo àkáǹtì yẹn. Sísopọ̀ ló dára jù. Nínú Contacts ti Google, mo tẹ "Organize", mo tẹ "Merge & fix", mo wá wo orúkọ kọ̀ọ̀kan kí n tó gbà, torí Ìyá Ìbejì inú ọjà lè ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá ṣi í so, ẹ lọ sí contacts.google.com, kí ẹ wá "Undo changes" níbẹ̀ kó tó pé ọgbọ̀n (30) ọjọ́.