Rítọ́ọ̀ṣì Tí Kò Ní Já Irun Oníbàárà: Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Onídìrí Níbi Ìgbòmìnira Àwọn Ọmọ Iṣẹ́

Ẹ̀yin òbí wa tó wá láti Kúbwà, Ńyáńyá àti Màràrábá, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ̀yin ọ̀gá onídìrí ẹgbẹ́ mi, mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń gbòmìnira lónìí, mo mọ̀ pé ojú yín ti wà lára kéèkì, nítorí náà iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Irun dídì tó bá wọ́, ẹ lè tú u kí ẹ tún un dì. Wíífù tí kò bá gún, abẹ́rẹ́ àti òwú máa tún un ṣe. Rìlásà ni kò ní àtúnṣe. Bó bá ti jẹ irun, àfi kí onírun máa dúró de òmíràn tó máa hù. Láti ọ̀la lọ, kò ní sí ọ̀gá lẹ́yìn yín tó máa pariwo pé “ẹ ti tó, ẹ fọ̀ ọ́!”

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ṣe rìlásà kẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ 8 sẹ́yìn. Irun orí èèyàn ń hù ní ìwọ̀n díẹ̀ lé ní sẹ̀ńtímítà 1 lóṣù, nítorí náà ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lórí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ínǹṣì kan lọ. Fífi rìlásà sí ínǹṣì kan yẹn nìkan là ń pè ní rítọ́ọ̀ṣì, òun sì ni iṣẹ́ yín. Gbogbo irun tó kù ti gba rìlásà tẹ́lẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gba òmíràn mọ́.

Kí ẹ tó ṣí ike, ẹ béèrè ìgbà tó tú irun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa sọ pé àárọ̀ yìí ni, torí pé ìgbà tí wọ́n bá tú irun ni wọ́n máa ń rántí rítọ́ọ̀ṣì. Òòyà tí wọ́n fi tú u ti ha awọ orí, èékánná náà ti ha á. Ẹ fi ìka pín irun náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé, kí ẹ wo àárín orí, ẹ̀yìn etí àti ẹ̀yìn ọrùn. Àsìkò ọyẹ́ ló burú jù níhìn-ín, awọ orí á gbẹ, á máa bó bí ìrẹ́pẹ́, èèyàn á sì máa họ ọ́ lábẹ́ gèlè tàbí híjáàbù láìmọ̀. Bí ẹ bá rí ojú ọgbẹ́, bó ti wù kó kéré tó, ẹ fọ irun náà, ẹ fi kọndíṣọ́nà sí i, kí ẹ ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá ní òun máa lọ sí sàlúùnù iwájú, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹ tún béèrè ohun tó ti fi sí irun náà. Irun tí wọ́n fi kírímù kọ́ọ̀lù ṣe kò bá rìlásà mu rárá, já ló máa já. Làálì dúdú àti dáì náà nílò àyẹ̀wò. Ẹ mú ìwọ̀nba irun díẹ̀ tó bọ́ sára òòyà rẹ̀, ẹ fi rìlásà pa á fún iye ìṣẹ́jú tí páálí sọ, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rọra fà á. Bó bá gùn bí rọ́bà tó sì já, ẹ má fi kan orí rẹ̀.

Ohun tó kàn ni omi. Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣílé ìtajà sí ibi tí mẹ́ruwà ti ń ti omi kiri nínú ọmọlanke, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì gbọ́dọ̀ kún nílẹ̀ kí ìka yín tó kan rìlásà. Rìlásà ò mọ̀ pé mẹ́ruwà ò tíì dé.

Rìlásà inú ike tó ti wà ní pípò, kọ́sítíìkì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò. Ẹ fi básílíìnì ra awọ orí yíká, pàápàá etí, iwájú orí àti ẹ̀yìn ọrùn. Èyí tí a ń po omi inú ìgò kékeré mọ́ rọrùn díẹ̀ fún awọ orí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgò náà lẹ máa dà sí i, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì da rìlásà pípò tó bá ṣẹ́kù nù. Irú yìí máa ń fi kálísíọ́ọ̀mù sílẹ̀ lára irun, ó ń jẹ́ kó gbẹ. Omi bohólù tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ dáadáa tún máa ń fi kún un.

Ẹ pín orí sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ fi kọndíṣọ́nà ra irun àtijọ́ kó lè dáàbò bò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn níbi tí irun ti le jù, ẹ máa mú un ní ìlà tín-ín-rín, kí ẹ sì fi etí irun iwájú ṣe àṣekẹ́yìn torí pé ó fẹ́lẹ́. Níbí ni ẹ ti máa rí ibi tí irun kíká ti pàdé irun títọ́. Ẹ má jẹ́ kí rìlásà dé ojú ibẹ̀ gan-an. Ẹ dúró díẹ̀ kó tó débẹ̀, torí nígbà tí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn òòyà tẹ́ ẹ, ó máa ṣàn débẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí rìlásà kọ́kọ́ kan orí ni aago bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ fi í tán. Bí páálí bá sọ pé ìṣẹ́jú 15, tí ẹ sì fi ìṣẹ́jú 12 fi í kárí orí, ìṣẹ́jú 3 péré ló kù fún ẹ̀yìn orí. Ìdí nìyí tí irun tó bá pọ̀ fi gba èèyàn méjì. Bí oníbàárà bá ní ó ń ta òun, tàbí tó jẹ́ Haúsá tó ní “sáfí”, ẹ má sọ pé kó fara dà á. Ẹ gbé e lọ síbi omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ máa kọ́kọ́ dà sí i títí rìlásà á fi lọ, láì tíì fi ṣaǹpú kankan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣaǹpú tó ń pa rìlásà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yọ àwọ̀ bíi píńkì níbi tí rìlásà bá ṣì wà. Bí ìfóófòó bá ṣì ń yọ àwọ̀, ẹ tún un fọ̀, kódà bó di ẹ̀ẹ̀mẹrin, títí yóò fi funfun. Ẹ̀yìn etí àti ẹ̀yìn ọrùn ni ọwọ́ máa ń fò, ibẹ̀ náà sì ni oníbàárà máa ń nawọ́ sí tó bá padà wá pé orí òun ti bó.

Bó bá wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé irun òun ń já, ẹ gba òòyà rẹ̀ wò. Irun tó ní kókó funfun kékeré nídìí, láti gbòǹgbò ló ti bọ́, ìyẹn lè jẹ́ irun tó ti tó àkókò àti bọ́. Èyí tí kò ní kókó, tó sì kúrú, já ló já. Bí èyí tó ṣẹ́kù lórí bá nàró lọ́gbọọgba ní ìwọ̀n ínǹṣì kan sí awọ orí, ojú ìpàdé yẹn ni rìlásà ti gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gé ṣóńṣó rẹ̀, ẹ máa fi kọndíṣọ́nà sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ má sì fi rìlásà kàn án.

Ẹ má di irun fífún fún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé rítọ́ọ̀ṣì, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó nítorí òde. Ẹ ra ìwé kan tó nípọn. Orúkọ oníbàárà, ọjọ́, irú rìlásà, iye ìṣẹ́jú tó lò, ibi tó ta á: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ kó tó dìde lórí àga. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 ni kí ẹ kọ síwájú orúkọ rẹ̀ fún ìgbà tó ń bọ̀.