Dá Aago Tí Wàá Padà

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 27:41-45, 33:1-4

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa.

Rèbékà ní kí Jékọ́bù lọ bá Lábánì gbé ní ọjọ́ díẹ̀, títí ìbínú Ísọ̀ yóò fi rọlẹ̀. Òun á wá ránṣẹ́ pè é. Ọjọ́ díẹ̀ náà di 20 ọdún. A ò kà á níbì kankan pé ìyá ránṣẹ́.

Èmi náà ti lọ báyìí rí. Mo mú nínú owó ilé fún àbúrò mi láìsọ fún ìyàwó mi. Ó gbóhùn sókè, mo gbé tèmi, mo gbá ilẹ̀kùn, mo jáde. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo wọlé. Ó ṣì wà lórí àga tí mo fi í sí, ọbẹ̀ ti dì nínú abọ́. Ó ní, "Mo rò pé ẹ ti lọ nìyẹn, Bàbá Tóbi." Mo pe ìyẹn ní wíwá àlàáfíà!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tún gbóná. Àyà mi ń lù kìkì, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, èsì tí màá fọ̀ nìkan ni mò ń tò. Mo ní, "Ìyá Tóbi, inú ń bí mi, mi ò fẹ́ ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Jẹ́ kí n rìn dé títì. Tó bá di aago mẹ́jọ, a ó jókòó." Mi ò ní kí òun lọ fara balẹ̀ o, ara mi ni mo sọ.

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa tọkọtaya ní ó kéré tán, ara ń fẹ́ bí 20 ìṣẹ́jú kó tó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá fi àkókò náà pe ẹ̀gbọ́n rẹ láti ro ẹjọ́, igi lò ń kó sínú iná yẹn. Mo kàn ń rìn, mò ń ka Sáàmù.

Ẹni tó tọrọ àyè ló yẹ kó kọ́kọ́ padà. Jékọ́bù fi ẹ̀bùn ṣáájú, ó tẹríba lẹ́ẹ̀meje, Ísọ̀ sì sáré dì mọ́ ọn. Ní aago mẹ́jọ mo ní, "Ohun tí mo gbọ́ ni pé kì í ṣe owó ló dùn ẹ́, bí kò ṣe pé mi ò sọ fún ẹ. Mo jẹ̀bi. Má bínú." Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́." Ìgbà yẹn la tó lè ṣírò owó.

(Níbi tí wọ́n bá ti ń luni, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: kí ẹni tí wọ́n ń lù wá ibi ààbò lọ.)

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:

Olúwa, kí ẹnu mi tó yá ju etí mi lọ, dá mi dúró, lórúkọ Jésù.

Baba, má jẹ́ kí ọjọ́ díẹ̀ di ogún ọdún nílé mi.

Ẹni tí mo fi sílẹ̀ láìdá aago fún, Olúwa, fún mi lẹ́sẹ̀ láti padà lọ bá a lónìí. Àmín.